Yunifọ́ọ̀mù Lọ́jọ́ Mẹ́ta: Bí A Ṣe Ń Kọ Ìpolówó Tó Ń Pe Oníbàárà

Ẹ wo ara ògiri ní Kàbà nígbà tí ilé-ìwé bá kù díẹ̀ kó wọlé. Póstà télọ̀ máa ń pọ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló sì jọra. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù wà lókè gàdàgbà. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé: "A ń rán aṣọ ọkùnrin, aṣọ obìnrin, aṣọ ẹbí, aṣọ ìgbéyàwó, yunifọ́ọ̀mù àti kọ́tìnnì. A ń kọ́ ọmọ níṣẹ́. A ń ta òwú àti bọ́tìnnì. Iṣẹ́ wa ló dára jù lọ. Ẹ kàn sí wa." Nọ́ńbà fóònù mẹ́ta tò sí ìsàlẹ̀. Irọ́ kankan lè má sí níbẹ̀. Síbẹ̀, ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń wọlé lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀ yóò kà á, yóò sì kọjá lọ.

Kí ló dé tó fi kọjá? Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kọ́ ló bá lára ògiri. Kò ṣiyèméjì pé télọ̀ mọ iṣẹ́. Ẹ̀rù tó ń bà á ni pé télọ̀ yóò já òun kulẹ̀: pé wọn yóò máa sọ fún òun pé "ẹ padà wá lọ́la", títí ọmọ yóò fi wọ aṣọ ilé lọ sí ilé-ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Gbogbo wa la mọ télọ̀ yẹn. Póstà tó bá sọ̀rọ̀ sí ẹ̀rù yìí nìkan yóò dá ìyá náà dúró. Èyí tó bá sọ̀rọ̀ sí ohun mẹ́jọ kò ní dá ẹnì kankan dúró.

Ẹ jẹ́ ká mú aránṣọ kan, obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí ọjà Kàbà, kí a bá a kọ ìpolówó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká ní ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀, òun àti ọmọṣẹ́ méjì tó ti mọ iṣẹ́ dáadáa. Wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ kékeré. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí ilé-ìwé wọlé.

Ìlérí ló ṣáájú, kì í ṣe àkọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń jókòó kí wọ́n máa wá ọ̀rọ̀ dídùn nígbà tí wọn kò tíì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣèlérí. Ìlérí ni ohun kan ṣoṣo tí oníbàárà yóò rí gbà lọ́wọ́ rẹ tó bá gbà ọ́ gbọ́. "Iṣẹ́ wa dára" kì í ṣe ìlérí, torí kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè mú un ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kó ní o kò mú un ṣẹ. "Yunifọ́ọ̀mù ọmọ yín yóò yá lọ́jọ́ mẹ́ta" jẹ́ ìlérí, torí pé bí kò bá yá, gbogbo àdúgbò yóò mọ̀. Ohun tí wọ́n lè fi mú ọ ni wọ́n ń gbà gbọ́.

Ibí ni ìjà máa ń bẹ̀rẹ̀. Màmá aránṣọ náà yóò ní: "Àwọn tó ń wá aṣọ ẹbí ńkọ́? Ṣé kí n lé wọn ni?" Rárá o. Wọ́n á ṣì máa wá, ẹni tó mọ̀ ọ́n kò nílò póstà. Ṣùgbọ́n bí póstà bá gbé yunifọ́ọ̀mù àti aṣọ ẹbí pọ̀, ìyá ọmọ yóò bi ara rẹ̀ pé, tí ẹlẹ́bí ogójì bá gbé aṣọ wá lọ́la, ta ni wọn yóò dá lóhùn? Ìlérí kejì máa ń ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kó jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì yìí jẹ́ ti yunifọ́ọ̀mù nìkan, kó sì sọ ọ́ síta bẹ́ẹ̀. Ó ń dunni lóòótọ́. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ló le jù.

Ọ̀rọ̀ kan máa ń da àwọn èèyàn rú níbí: bí ìlérí bá jẹ́ ẹyọ kan, ṣé ọ̀rọ̀ mìíràn kò gbọdọ̀ sí nínú ìpolówó ni? Ó lè sí, bí ó bá jẹ́ òpó tó gbé ìlérí náà dúró. Ọ̀nà tí mo fi ń dán an wò ni pé kí a fi "nítorí pé" so gbólóhùn tuntun mọ́ ìlérí. "Yunifọ́ọ̀mù yóò yá lọ́jọ́ mẹ́ta, nítorí pé yunifọ́ọ̀mù nìkan là ń rán títí ilé-ìwé yóò fi wọlé." Ó wọlé wẹ́rẹ́. "Nítorí pé a ní jẹnẹrétọ̀, iná lọ, iṣẹ́ kò dúró." Òun náà wọlé. Wàyí o, gbìyànjú èyí: "Yunifọ́ọ̀mù yóò yá lọ́jọ́ mẹ́ta, nítorí pé a ń ta kọ́tìnnì." Kò bára mu. "Àti" nìkan ló lè so ó pọ̀, ohunkóhun tí "àti" bá sì so mọ́ ìlérí, ìlérí mìíràn ni. Gé e kúrò.

Ẹnìkan lè ní, ṣebí télọ̀ mìíràn náà lè rán aṣọ lọ́jọ́ mẹ́ta? Bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún àti díẹ̀ sẹ́yìn, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Claude Hopkins kọ ìpolówó fún ilé-iṣẹ́ ọtí bíà Schlitz ní ìlú Milwaukee. Gbogbo ilé-iṣẹ́ ọtí ló ń pariwo nígbà náà pé ọtí àwọn mọ́. Hopkins wọ inú ilé-iṣẹ́ náà, ó rí bí wọ́n ṣe ń fi ooru gbígbóná fọ ìgò, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ síta. Wọ́n dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ọtí yòókù ń ṣe. Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tíì sọ ọ́ nínú wọn. Ọtí náà tà gan-an lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ohun tí gbogbo ayé ń ṣe ló ni ín lójú oníbàárà.

Kí á tó kọ ọ́ sára ògiri ṣá, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, torí ìlérí tó dára jù tí ọwọ́ kò ká lè pa ṣọ́ọ̀bù rẹ. Ká ní aránṣọ kọ̀ọ̀kan lè parí aṣọ ọmọ mẹ́ta lójúmọ́, ìyẹn mẹ́sàn-án fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí ọgọ́ta òbí bá wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan náà, yóò gba ọjọ́ méje kí aṣọ wọn tó tán. Ìlérí ọjọ́ mẹ́ta ti wó nìyẹn, ìpolówó ló sì fà á. Nítorí náà, kí màmá má gbà ju ọmọ méje lọ lójúmọ́. Àyè aṣọ méjì tó kù wà fún abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́, aṣọ tí a gé bà jẹ́, àti ọjọ́ tí epo bá wọ́n. Bí ilé-ìwé bá ń wọlé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Tọ́sìdè tó ṣáájú rẹ̀ ni ọjọ́ ìkẹyìn tó lè gba ọmọ, torí aṣọ Tọ́sìdè yóò jáde ní Sátidé. Láti Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sí Sátidé jẹ́ ọjọ́ mẹ́fà, láti Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ kejì sí Tọ́sìdè jẹ́ mẹ́rin. Ọjọ́ mẹ́wàá, ọmọ méje lójúmọ́: àádọ́rin ọmọ. Gbogbo èèyàn tí ìpolówó yìí nílò láti pè kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ kíyè sí bí a ṣe ka ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Bí àwọn àgbà wa ṣe ń kà á, òní náà wà nínú rẹ̀: òní, ọ̀la, ọ̀túnla. Ṣùgbọ́n ọmọṣẹ́ tó kàwé lè bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ọ̀la, kó sì sọ aṣọ Mọ́ńdè di ti Tọ́sìdè. Òbí á dé ní Wẹ́sìdè, ariwo á ta. Ibi yòówù kí ìlérí ọjọ́ ti jáde, ẹ dárúkọ ọjọ́ pẹ̀lú rẹ̀: "Ẹ mú ọmọ wá ní Mọ́ńdè, ẹ gba aṣọ ní Wẹ́sìdè nírọ̀lẹ́."

Ó wá kan àkọlé. Iṣẹ́ àkọlé ni kí ó gbé ìlérí náà síwájú ẹni tó ń kọjá lọ, kó má tíì rántí láti gbójú kúrò. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe àkọlé, bó ti wù kó dùn tó, torí pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́ kò wá orúkọ rẹ. "Àǹfààní ńlá! Àǹfààní ńlá!" náà kì í ṣe àkọlé, torí ó lè bá ilẹ̀, iṣu àti ọkọ̀ lọ. Àwọn tó ń kiri ọjà ti mọ èyí tipẹ́. Ẹni tó bá ń ké "ẹ̀kọ gbóná rè é o" ti dárúkọ ọjà, ó sì ti sọ ohun kan ṣoṣo tí o máa gbádùn nínú rẹ̀, láàárín ìṣísẹ̀ méjì. Kò fi orúkọ bàbá rẹ̀ ṣáájú.

Àkọlé tí mo fẹ́ràn jù fún aránṣọ yìí ni: "Wọ̀n ọ́n lónìí, wọ̀ ọ́ lọ́túnla!" Ó dùn létí, ó kúrú, ìlérí wà nínú rẹ̀ pátápátá. Lórí rédíò, n ò ní fi rọ́pò ohunkóhun. Ṣùgbọ́n n kò ní gbé e sórí póstà. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kò ní fi àmì ohùn sí i, àwọn míì á tún gbàgbé àmì abẹ́ ọ̀rọ̀, ohun tó sì máa jáde ni "WON ON LONII, WO O LOTUNLA". Ta ni yóò tú ìyẹn látorí ọ̀kadà? Àkọlé póstà gbọ́dọ̀ dúró bí àmì tilẹ̀ bọ́ lórí rẹ̀: "YUNIFỌ́Ọ̀MÙ LỌ́JỌ́ MẸ́TA". Kò dùn tó ti rédíò, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè ṣì í kà.

Ìwọ̀n lẹ́tà ló tún kù lórí póstà. Òṣùwọ̀n tí àwọn tó ń ya pátákó máa ń lò ni pé lẹ́tà tó ga ní íǹṣì kan yóò rọrùn láti kà láti ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Bí o bá fẹ́ kí ẹni tó wà ní òdìkejì títì, tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí ọ, kà á ní ìrọ̀rùn, lẹ́tà àkọlé gbọ́dọ̀ ga tó íǹṣì méjì ààbọ̀. Bébà A3 tí a dùbúlẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì mẹ́rìndínlógún ààbọ̀. Ọ̀rọ̀ "YUNIFỌ́Ọ̀MÙ" jẹ́ lẹ́tà mẹ́sàn-án, yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ìbú bébà náà ní ìwọ̀n yẹn. Ìlà méjì ni àkọlé wa yóò jẹ́, àyè díẹ̀ ni yóò sì kù lábẹ́ rẹ̀ fún ohun tó kù. Ẹni tó bá fẹ́ to iṣẹ́ mẹ́jọ sórí bébà kan náà, lẹ́tà rẹ̀ ló máa kéré títí ẹnì kan kò fi ní rí i. Àwọ̀ lẹ́tà àti àwọ̀ ẹ̀yìn náà gbọ́dọ̀ takora: dúdú lórí yẹ́lò yọ ketekete, pupa lórí búlúù kàn ń gbọ̀n lójú ni.

Kí o tó tẹ ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà, tẹ ẹyọ kan. Gbé e kọ́ sára ògiri, pe ẹnìkan tí kò mọ̀ nípa rẹ̀, jẹ́ kó wò ó láti ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, kí o ka ení, èjì dé àrún, kí o sì yí i lẹ́yìn padà. Bi í pé kí ni ó rí. Bí ó bá ní "yunifọ́ọ̀mù, ọjọ́ mẹ́ta", tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ní "télọ̀ kan" tàbí "ó lẹ́wà", àkọlé náà kò tíì ṣiṣẹ́. Má ṣe àlàyé fún un. O kò ní wà níbi ògiri láti ṣàlàyé fún àwọn tó kù.

Ẹ̀ka kẹta ni ìpè, ìyẹn ohun tí o fẹ́ kí ẹni tó gbọ́ lọ ṣe. "Ẹ kàn sí wa" kì í ṣe ìpè rárá. Kàn sí yín fún kí ni, nígbà wo, níbo? Ìpè gidi dárúkọ iṣẹ́ kan, ibi kan, àti àsìkò kan: "Ẹ mú ọmọ wá sí ilé aláwọ̀ ewé tó kọjú sí ọjà Kàbà, kí agogo mẹ́wàá àárọ̀ tó lù. Ọmọ méje là ń gbà lójúmọ́." Méje yẹn kì í ṣe ọgbọ́n ẹ̀wẹ́, ìṣirò ló bí i, òun gan-an ló sì máa mú kí òbí jí wá. Kí nọ́ńbà fóònù jẹ́ ẹyọ kan. Bí o bá kọ mẹ́ta, ẹni tó pe èyí tó ti kú kò ní gbìyànjú èkejì.

Rédíò tún ní tirẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ọ wà lórí ọ̀kadà, tàbí ó ń ro oko, tàbí ó ń yí ọkà lórí iná. Kò ní bírò lọ́wọ́. Nítorí náà, ohun tí yóò fi rántí ibi tí o wà dára ju nọ́ńbà fóònù lọ. Bí nọ́ńbà bá pọn dandan, ìparí ni kó wà, lẹ́ẹ̀mejì, kí a sì pín in sí mẹ́ta-mẹ́ta, mẹ́rin-mẹ́rin kó lè ṣeé dìmú. Ìṣẹ́jú-àáyá ọgbọ̀n ni ọ̀pọ̀ ìpolówó rédíò máa ń jẹ́. Èyí tí mo bá màmá kọ nìyí:

"Òkun o, ẹ̀yin òbí Kàbà! Ilé-ìwé ń wọlé, ṣé aṣọ ọmọ ṣì wà lọ́dọ̀ télọ̀? Yunifọ́ọ̀mù: wọ̀n ọ́n lónìí, wọ̀ ọ́ lọ́túnla! Ẹ mú ọmọ wá ní Mọ́ńdè, ẹ gba aṣọ ní Wẹ́sìdè nírọ̀lẹ́. Yunifọ́ọ̀mù nìkan là ń rán títí ilé-ìwé yóò fi wọlé. Bí kò bá yá lọ́jọ́ tí a dá, ẹ má san owó iṣẹ́. Ọmọ méje péré lójúmọ́. Ilé aláwọ̀ ewé tó kọjú sí ọjà Kàbà, kí agogo mẹ́wàá àárọ̀ tó lù. Wọ̀n ọ́n lónìí, wọ̀ ọ́ lọ́túnla!"

Ẹ gbé aago fóònù sílẹ̀, kí ẹ kà á sókè bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe bí ẹni tí ajá ń lé. Bí ó bá kọjá ọgbọ̀n, ẹ má sáré kà á, ẹ gé e. Èyí tí mo máa kọ́kọ́ gé ni "Yunifọ́ọ̀mù nìkan là ń rán", torí òpó ni, kì í ṣe ìlérí. Èyí tí n kò ní fọwọ́ kàn ni àkọlé àti ibi tí ilé wà. "Ẹ má san owó iṣẹ́" lágbára gan-an, ṣùgbọ́n kí màmá má gbà kí n kọ ọ́ àfi bí ó bá lè fi owó náà sílẹ̀ tọkàntọkàn nígbà tí ọjọ́ bá yẹ̀.

Nípa èdè, Yorùbá tó délé-dóko ni kí ẹ lò nínú ọ̀rọ̀ gan-an, torí rédíò kan náà lè dé etí àwọn ará Owé, Ìjùmú, Bùnú àti Yàgbà, tí ẹ̀ka èdè wọn yàtọ̀ síra. Ìkíni "Òkun o" níbẹ̀rẹ̀ ti tó láti fi sọ pé ti wa ni.

Òfin wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú. Àjọ ARCON tó ń bójú tó ìpolówó ní Nàìjíríà, tí òfin ọdún 2022 fi rọ́pò APCON, ní ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìpolówó wò kí ó tó jáde, ẹ sì bi ilé-iṣẹ́ rédíò léèrè ohun tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó sanwó. Bó bá jẹ́ oúnjẹ tàbí oògùn lẹ̀ ń polówó, àfi kí NAFDAC fọwọ́ sí i. "Ló dára jù lọ" tí ẹnì kan kò lè fi ẹ̀rí gbè ń fa wàhálà, kò sì mú oníbàárà kankan wá.

Ṣé rédíò tilẹ̀ yẹ aránṣọ yìí? Èrò tèmi ni pé kó fi póstà bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ni wọ́n fẹ́ wọ̀n, kò sì sí òbí tí yóò gbé ọmọ láti Ìsánlú wá sí Kàbà nítorí yunifọ́ọ̀mù, bẹ́ẹ̀ owó tó san fún rédíò san fún etí Ìsánlú náà. Ká ní èrè orí aṣọ kan jẹ́ ₦1,500. Bí rédíò bá gba ₦40,000, ọmọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú àádọ́rin ni yóò fi san owó yẹn kí ó tó jèrè kọ́bọ̀. Póstà ogún níbi tí òbí ti ń dúró, bí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, ibi ẹ̀rọ ìlọta, ìta ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí tí wọ́n bá gbà kí a lẹ̀ ẹ́, yóò ná an ní owó tó kéré sí i gan-an. Kó bi gbogbo ẹni tó bá wá pé, "Ibo lẹ ti gbọ́?" kó sì fi àmì sínú ìwé: P fún póstà, R fún rédíò, Ẹ fún ẹni tí ẹlòmíràn rán wá. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ìwé yẹn yóò sọ ibi tí owó ń gbà wọlé. Bí P kò bá tó méje lójúmọ́, ìgbà yẹn ni kó tó ronú rédíò.

Nírọ̀lẹ́ Tọ́sìdè tó jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn, kí ó rán ọmọṣẹ́ kan kó lọ ya gbogbo póstà náà kúrò. Òbí tó bá kà á ní Fúráìdè, tó mú ọmọ wá, tí wọ́n sì dá a padà, yóò máa sọ ní gbogbo ọjà pé irọ́ ni ọjọ́ mẹ́ta yẹn.